Ẹran Ò Kanlẹ̀

Gbogbo ilé tó bá ní ọmọ tí ò parí ìwé ló máa ń wá nǹkan tí wọ́n á fi í ṣe. Àwọn tiwa gbìyànjú. Wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, ìka ara mi ni mo gún ju aṣọ lọ. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe kápẹ́ńtà, bàbá náà rọra dá mi padà lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò bá mi jà, igi lòun ń ṣàánú. Nígbà tí mo kúrò ní lísè, ilé ìwé girama níbí, láì mú ìwé ẹ̀rí kankan bọ̀, ìyá mi ti bi mí pé kí gan-an ni mo rí kọ́ níbẹ̀ látọdún yìí wá. Mo ronú sí i dáadáa, mi ò fẹ́ parọ́ fún ìyá mi. Nusí nìkan ni mo rí.

Nusí ni Faransé àwọn ọmọ ìgboro níbí ní Bouaké. Wọ́n á mú Faransé díẹ̀, wọ́n á bu èdè Jùlá sí i, wọ́n á wọ́n Bàúlé lé e, èyí tó bá kù, wọ́n á fẹnu ara wọn dá a. Olùkọ́ kankan kì í fi kọ́ni. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, èmi kì í sì í pa ẹ̀yìn ilé ìwé jẹ.

Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa so rọ̀ sórí ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí, Àǹtí ni mò ń pè é. Irun ló ń dì, nítòsí ibi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Diabo ti ń kérò. Bọ̀dá tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, Bouaké níbí ni wọ́n bí i sí. Ilé ìkẹ́rù kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ga, ó sì sanra, àmọ́ ohùn rẹ̀ kéré débi pé ó dà bíi pé ó lọ yá a lọ́wọ́ ọmọdé. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó wá kí ìyá wa. Ìyá wa gún iyán. Ìyá wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán kékeré. Bọ̀dá jẹ ọ̀kan tán, wọ́n fi òmíràn sí i. Ó jẹ ìyẹn náà tán, ó ń sọ pé òun ti yó, ìyá wa ní àna òun ò lè jẹun bí ẹyẹ, wọ́n gbé ẹ̀kẹta síwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí abọ́ ọbẹ̀, ó mú ẹran. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ àga oníke tó jókòó lé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà, díẹ̀díẹ̀, bí ewúrẹ́ tó ń gun òkúta tó ń yọ̀. Bọ̀dá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú àga. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ọwọ́ tó mú ẹran náà sì wà lókè. Ẹran ò kanlẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi inú pa mọ́.

Àǹtí kọ ọ́ sínú gírúùpù òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lórí fóònù. Ọ̀kan ń ta bàtà, èkejì ń ránṣọ. Àwọn mẹ́ta yìí jọ dàgbà ni, Nusí sì ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ fèsì bí ọ̀rẹ́ ṣe ń fèsì. Orí òkú, ojú tó ń sunkún, ọwọ́ tó pàdé bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà, gbogbo àwòrán kéékèèké wọ̀nyẹn kún ibẹ̀ bí èèrà. Ó dùn mọ́ Àǹtí débi pé ó ya ojú fóònù náà ní kápítúù, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá fúnra rẹ̀ kó lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ orí fóònù rẹ̀, orúkọ Bọ̀dá àti gírúùpù ẹbí Bọ̀dá wà lórí ara wọn, fọ́tò Bọ̀dá kan náà ló sì wà lójú méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyàwó kún gírúùpù ẹbí. Ó kí wọn ní "ẹ kú alẹ́ o" lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni kápítúù náà já sí, òun ni nǹkan kejì tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sáré pa á rẹ́. Ìyẹn ló wá burú jù. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí ẹbí fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ bíi kí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà níbí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò. Fóònù ìyá Bọ̀dá sì ti gbé àwòrán náà pamọ́ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń gbé gbogbo àwòrán pamọ́.

Ìyá Bọ̀dá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ò ka Faransé. Ẹnì kan nínú ẹbí náà ló fi fóònù ya àwòrán ọ̀hún, ó ní kí ẹ̀rọ bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ̀rọ kì í kọ iṣẹ́. Ó túmọ̀ gbogbo ohun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, èyí tí ò yé e, ó sọ ọ́ di ohun tó bá wù ú. Àmọ́ àwọn àwòrán kéékèèké yẹn, ó fò wọ́n kọjá. Ó kó gbogbo ẹ̀rín kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó wá fi egungun rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí kà ni pé ọmọkùnrin náà ṣubú. Ó ti kú. Nígbà wo ni a óò sin ín. Ìyá arúgbó tó fún ìyẹn ní oúnjẹ.

Wọ́n fi ohùn ka gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ̀dá. Bàbá Bọ̀dá ti kú, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà bá sọ, ó parí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí Bọ̀dá fẹ́ wá tọrọ Àǹtí lọ́wọ́ wa. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó ni ọmọ òun ń fẹ́ tàbí àwọn tó ń wá òkú sin.

Bọ̀dá sọ fún wọn pé àwàdà ni. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Màmá ní ẹ ò rí nǹkan, wọ́n ti fún un ní oògùn jẹ, kò mọ ìgbà tí wọ́n ń bú òun mọ́. Àǹtí ní òun máa lọ ṣàlàyé, ìyá wa dá a dúró. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kọ́ ló ń ṣe ògbufọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, kò jẹun, kò dirun fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí mi tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni dókítà.

Ìyá wa náà wò mí. Ó ní, "Ìwọ, Nusí rẹ ọjọ́sí yẹn. Ọjọ́ ẹ̀ ló pé yìí."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí wọn ò gbé iṣẹ́ fún rí, bí wọ́n bá gbé e fún un, ó máa ń fẹ́ wọ kóòtù ṣe é. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń tẹ ìtumọ̀ sórí fóònù mi. Mo ní bí mo bá lọ bá Màmá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí mò ń sọ nílé, wọ́n á ní ọmọ ìgboro ni mí, wọn ò sì ní parọ́. Mo fẹ́ Yorùbá gidi. Àmọ́ ibo ni èmi tí wọ́n bí sí Bouaké ti rí Yorùbá tí wọ́n kọ sílẹ̀? Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bíbélì àti ìwé orin. Yorùbá mìíràn tí mo tún rí kà ni èyí tó wà lára páálí àgbo.

Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń ṣẹ̀fẹ̀ bí ẹni ń kọ ìwé àwọn wòlíì nìyẹn. "Ó sì ṣe, nígbà tí wọ́n jẹun tán." Mo fi "wọ́n" pe Bọ̀dá láti òkè délẹ̀, kí ọ̀wọ̀ má bàa dín. Gbogbo ibi tí mo rí ojú ẹkún, mo kọ "ó sì sọkún kíkorò." Nígbà tí mo kà á fún ara mi, orí mi wú. Mo ní ẹ wo èmi tí wọ́n ní mi ò mọ̀wé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti ìyá mi lọ bá Màmá ní ọjà. Abọ́ oníke ni wọ́n ń tà, bàsíà, ike omi, agbọ̀n, wọ́n tò wọ́n ga débi pé orí Màmá nìkan lèèyàn ń rí láàárín wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀. Màmá dáhùn, àmọ́ wọn ò ní ká jókòó.

Wọ́n ní, "Ọmọ ìyá kan ni ìwọ àti ọmọ yẹn. Kí ló máa jẹ́ kí n mọ̀ pé o ò ní fo ibi tó burú?"

Mo ní mi ò ní fò ó, Màmá. Wọ́n kọjú sí obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì, wọ́n fi Jùlá pè é. Tántì ni gbogbo ọjà ń pe obìnrin náà. Bàúlé ni, ó ń ta aṣọ, ó ka Faransé dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fi Nusí dá a lágara nílé títí ó fi gbọ́ ọ. Yorùbá ni ò gbọ́, àfi "ẹ káàárọ̀" àti "ó ti wọ́n jù." Màmá gbé fóònù tí àwòrán wà nínú rẹ̀ fún un. Wọ́n ní kó máa bá mi lọ lójú ìwé. Èmi á fi ìka kan ìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó sọ ọ́ ní Yorùbá, Tántì á máa ṣọ́ ìka mi.

Mo gbé ohùn sókè bí ẹni tó dé orí àga ìwàásù. "Ó sì ṣe, nígbà tí wọ́n jẹ iyán méjì tán, tí a sì gbé ẹ̀kẹta síwájú wọn, àga sì bẹ̀bẹ̀ fún àánú, ẹ̀gbọ́n mi sì sọkún kíkorò."

Tántì ka ìlà náà ní Faransé, ó bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé àwọn mélòó ló jẹ iyán náà.

Mo ní Bọ̀dá nìkan ni.

"O ní 'wọ́n.'"

Mo ní ọ̀wọ̀ ni, mo sì sún ìka sí ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí ọ̀rẹ́ tó ń ta bàtà ti kọ ọ́ nípa àga náà pé *chaise-là est dja, on enterre quand?* tí orí òkú mẹ́ta tẹ̀ lé e. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́: "Kíyè sí i, ikú ti dé. Nígbà wo ni a óò tẹ́ òkú sínú ibojì?"

Tántì fọwọ́ lu itan, ó fi orí sọlẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. Màmá ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ìyá mi tó wà lẹ́yìn mi ṣàmín láìmọ̀.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́, Tántì á rẹ́rìn-ín, Màmá á bá ẹ̀mí èṣù wí. Mo sún mọ́ ìsàlẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí mo ti pinnu látilé pé ẹ̀mí mi ò gbé e. Ọ̀rẹ́ tó ń ránṣọ ló kọ ọ́ nípa Màmá fúnra wọn: *la vieille qui a nourri ça là, faut lui donner médaille.* Ó fi ẹ̀rín sí i, ó fi àwòrán mẹ́dàlì sí i. "La vieille" yẹn, níbí, ìyá ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró síwájú ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kí n ní ẹnì kan pè wọ́n ní arúgbó tó bọ́ "ìyẹn"? Mo fo ìka mi kọjá rẹ̀ bí ẹni tó fo gọ́tà, mo bọ́ sí ìlà ìkẹyìn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu. Ìgbà yẹn ni Tántì ka ìlà tí mo fò, ó sì rẹ́rìn-ín ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ kan Màmá léjìká.

Màmá wò ó. Wọ́n wò mí. Ọgbọ́n ọjà wà lójú wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ owó ayédèrú.

Wọ́n ní, "Kí lo fò?"

Mo ní kò sí nǹkan.

"Ẹni yìí rẹ́rìn-ín níbi tí o ò ti sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tí o sì ti sọ̀rọ̀, tó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ṣé ìwé kan náà lẹ̀ ń kà?"

Olùkọ́ ìṣirò mi nìkan ló bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, òun náà ò rí èsì gbà.

Ibẹ̀ la wà tí obìnrin ọ̀rẹ́ Màmá kan, ọmọ Yorùbá, fi dé pẹ̀lú bàsíà tó ya lára. Ó ní òun ò tíì lò ó pẹ́. Màmá gba bàsíà náà, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá wo ìdí obìnrin náà tìfura-tìfura. Wọ́n ní, "Aṣọ lo fọ̀ nínú ẹ̀ ni àbí ìwọ lo jókòó wẹ̀?" Obìnrin náà di àyà mú, ó ní, "Yéè, ẹ̀rín pa mí o, ẹ wá sin mí." Màmá ní ẹni tó bá fẹ́ sin ín, kó gbẹ́ ilẹ̀ náà fẹ̀. Àwọn méjèèjì fara ti ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàsíà fi bọ́. Wọ́n wá pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Mo dúró síbẹ̀, mo yanu. Obìnrin yìí kú lójú mi, ó ní kí wọ́n sin òun, Màmá tó ń bá ikú wí láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn ló sì bá a wá ibojì. Orí òkú mẹ́ta tí mo sọ di ìwé wòlíì, inú ọjà ló wà, lẹ́nu Màmá fúnra wọn.

Mo pa ohun tí mo kọ sórí fóònù rẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Mi ò ní kà á. Màá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àti àwòrán yẹn náà, màá fẹnu ṣe é. Mi ò ní fo nǹkan kan. Ẹ ò gbọdọ̀ nà mí tí mo bá débi tó kàn yín."

Wọ́n ní kí n sọ.

Mo pàrọwà fún ìtìjú kó lọ sílé ṣáájú mi. Níbi tí ọ̀rọ̀ Àǹtí bá wà, mo ṣe ohùn Àǹtí, mo fi ọwọ́ sídìí. Níbi tí ojú ẹkún bá wà, mo di orí mú, nítorí ẹkún yẹn kì í ṣe ẹkún, ẹni tí ẹ̀rín ti dá omi sí lójú ni. Tántì gbé fóònù sókè, ó ń ṣọ́ ìka mi bí ọlọ́pàá.

"Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tèmi wá kí ìyá wa lónìí."

"Ó jẹ mélòó?" Ìyẹn ọlọ́jà bàtà, mo ṣe ojú ọ̀fófó.

"Iyán méjì ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta dé, àga ní ẹ jọ̀ọ́ òun ń bẹ̀bẹ̀."

Tántì rẹ́rìn-ín. Ètè Màmá mì, wọ́n yára ká a mú.

"Yéè! Ẹ̀rín pa mí o! Àga ti dákẹ́. Ìgbà wo là ń sìnkú ẹ̀?"

"Ẹran ńkọ́?" Aránṣọ ló béèrè ìyẹn, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè rẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè aláìsàn.

Mo pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ níwájú àyà, bó ṣe wà nínú àwòrán, mo gbójú sókè ọ̀run. "Tẹran-tẹran ló ṣubú. Ẹran ò kanlẹ̀. A dúpẹ́."

Ẹ̀rín Tántì àti ẹ̀rín Màmá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń ti Faransé bọ̀, ọ̀kan ń ti Yorùbá bọ̀, wọ́n pàdé lójú "a dúpẹ́" yẹn, wọn ò fi ìṣẹ́jú àáyá kan ju ara wọn lọ. Àwọn méjèèjì sì yíjú wo ara wọn. Mo rí i pé Màmá gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-hẹ́n. Ìwé kan náà lẹ̀ ń kà báyìí."

Ó wá ku ìlà tó kan wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn o. Aránṣọ ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi." Mo wá sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ ọba: "Ìyá tó bọ́ eléyìí dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá oyè jẹ."

Mo ti ń wo ọ̀nà tí mo máa gbà sá láàárín àwọn bàsíà. Màmá ní, "Ta ní sọ ìyẹn?"

Mo ní aránṣọ ni.

"Ọmọ tó mọ nǹkan ni." Wọ́n kọjú sí ìyá mi, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn. "Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí. Ìkòkò tí mo fi ń se fún ọmọ yẹn nìkan, ìkòkò àwọn ilé ìwé ni. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan sọ pé mo gbìyànjú." Ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, Tántì tí ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ sì tún bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sọ ìlà tó kù, pé ọlọ́jà bàtà ní kí Àǹtí tètè fẹ́ ẹ, ọkùnrin tí ò jẹ́ kí ẹran bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó náà ò ní bọ́. Màmá ní òtítọ́ ni, bàbá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká jókòó.

Àmọ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ wà. Màmá tẹ fóònù, wọ́n gbé e sí mi lẹ́nu, wọ́n ní kí n tún un sọ pátá fún Ògbómọ̀ṣọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́. Mo tún un sọ. Ariwo ọjà wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín Tántì wà nínú rẹ̀, àti ti Màmá, tó ń wá ṣáájú ọ̀rọ̀ báyìí nítorí pé wọ́n ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé, Màmá sì gbé fóònù wá sílé wa. A fi fóònù Màmá sórí ìjókòó ní pálọ̀ wa, gbogbo wa yí i ká, Àǹtí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bíi pé Ìyá Àgbà wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ kí gbogbo ayé. Wọ́n béèrè òjò, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n. Wọ́n wá ní àwọn gbọ́ ohùn ọmọ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Wọn ò dúró gba èsì, wọ́n ní ó jọ ẹni tí ò níṣẹ́. Ìyá mi mi orí fún fóònù.

Ìyá Àgbà ní, "Mo ti gbọ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Èèyàn ṣubú, kí ni kí wọ́n ṣe, kí wọ́n kọrin? Ohun tí n ò gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀ ni ẹni tó gbé e dìde. Kí ìyàwó sọ fún mi."

Kò sí ìyẹn nínú kápítúù. Àwòrán ẹ̀rín wà, ti òkú wà, ẹni tó gbé e dìde ò sí níbẹ̀. Àǹtí wò mí, bóyá mo ní ìtumọ̀ kan. Mi ò ní. Bí èmi bá ni, ǹ bá parọ́. Ǹ bá ní kíá ni ó sáré dé ibẹ̀, tó ń ké "Jésù."

Àǹtí gbé fóònù, Yorùbá rẹ̀ ò dán, Faransé wà lára rẹ̀ káàkiri. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Mo rẹ́rìn-ín títí n ò lè dìde. Lẹ́yìn náà mo di ọwọ́ rẹ̀ tí ẹran ò sí mú, mo fà á. Ó wúwo. Ó fà mí lulẹ̀, àwa méjèèjì wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá fún mi lẹ́ran náà kí n bá a mú un dání, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó dìde, ó gbé mi."

Ó tẹ ẹ́ ránṣẹ́ kó tó lè ronú. Ìyá mi bo ojú.

Èsì Ìyá Àgbà kúrú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá, ẹ̀rín arúgbó, tó ń lọ tó ń dúró sinmi. Wọ́n ní, "Ó fi ẹran lé e lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ o, ó fi ẹran lé e lọ́wọ́. Kí ni ẹ tún ń dúró dè? Ẹ lọ tọrọ ọmọ yẹn." A wá gbọ́ ohùn àwọn obìnrin mìíràn lẹ́yìn wọn. Àwọn ìyàwó ilé ni, ní agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, wọ́n á wá orúkọ tiwọn fún un, èyí tó bá ìwà rẹ̀ mu. Wọn ò tíì fojú kan Bọ̀dá rí o, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní A-ṣubú-má-sọ-ẹran-nù. A gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é léraléra, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ Àǹtí méjèèjì pẹ̀lú gbogbo àwòrán wọn ò dé ìdajì ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí Bọ̀dá dé. Ọkùnrin méjì ló ṣáájú, wọ́n gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ bò. A rò pé ẹrù ìyàwó ni. Wọ́n gbé e sí àárín pálọ̀, Màmá ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Àga onírin ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi ti bẹ́ńṣì ilé ìwé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Wọ́n ní Ìyá Àgbà ló ránṣẹ́ pé kí ọmọ àwọn mú ìjókòó tirẹ̀ lọ sílé àna. Bọ̀dá jókòó lé e láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kò ró gbì, kò mì. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n tọrọ, ìyá wa àti àwọn àgbà tiwa dáhùn, oúnjẹ dé. Àlejò pọ̀ ju àga lọ. Mo ń wá ibi jókòó, ìyá mi nawọ́ sí igun kan. Wọ́n ti gbé àga oníke ọjọ́ yẹn wọlé látẹ̀yìn ilé, wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara wọn. Wọ́n ní ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ ni kó jókòó lé e.

Mo rọra jókòó. Ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé Àǹtí ti yọ fóònù.